Odò Ọ̀yun Kò Kún

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ owó. Ẹjọ́ máàkì márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n nítorí máàkì márùn-ún yìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ tíṣà Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀fà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kí ara wa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo yà kí i nílé lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá a níbi tí ó ti ń máàkì pépà. Àyọkà kan ni ó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n kà, kí wọ́n wá ọnà èdè inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì sọ ohun tí ọnà èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún ẹni tó ń kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àyọkà náà. Ó ní àwọn ọmọ ti há gbogbo ti inú ìwé sórí, ìdí nìyẹn tí òun fi jókòó kọ tuntun. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ àyọkà náà síbí bí mo ṣe bá a, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí wa:

“Láti àárọ̀ ni Ìyá Àlàní ti jókòó sórí bẹ́ńṣì onígi ní sítéṣọ̀n rélùwéè Ọ̀fà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń bọ̀ láti Kánò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Irin méjì tí ọkọ̀ ń gùn nà lọ rangandan, bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń rìn ṣùgbọ́n tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ gbá ìyá náà létí, ó sì tún yọ́ wọ abẹ́ ìborùn rẹ̀ bí ọmọ tó ń wá ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. ‘Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí mo ti jókòó síbí o,’ ni ó wí fún ọmọbìnrin tó ń ta ẹ̀pà. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkọ̀ náà dé, ó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tí ó ti fa tábà jù. Èrò tú jáde bí èsúnsún lẹ́yìn òjò. Ìyá Àlàní ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá. Àlàní kò sí níbẹ̀. Ìyá bú sẹ́kún. Omijé rẹ̀ ṣàn, ó kún odò Ọ̀yun, ó sì gbé afárá lọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ńṣì náà kò fẹ́ kí ó dìde.”

Ó tán. Ẹni tó bá mọ Ọ̀fà mọ ohun tí sítéṣọ̀n rélùwéè jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó wá, tó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo, Ọ̀fà ló kọjá sí kó tó dé Ìlọrin, kó tó wá ré odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà lọ sí òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀fà ló ní ọmọ tí ó bá ọ̀nà yẹn lọ, tí wọ́n sì jókòó dè ní sítéṣọ̀n rí. Tíṣà wa kò wá ìtàn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ìbéèrè kẹrin ló dá ìjà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ irú ọnà èdè tí ó wà nínú gbólóhùn omijé àti odò Ọ̀yun, kí wọ́n sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ìdáhùn tí tíṣà kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni pé àsọrégèé ni, àti pé ó jẹ́ kí a mọ bí ìbànújẹ́ ìyá náà ṣe pọ̀ tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló kọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba máàkì wọn. Àfi ọmọbìnrin kan. Ó kọ ọ́ pé àsọrégèé ni, lẹ́yìn náà ó wá fi kún un pé: “Títí di ibi tí wọ́n ti ní Àlàní kò sí níbẹ̀, àánú ìyá náà ń ṣe mí. Nígbà tí omijé gbé afárá lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa afárá, n kò bá a sunkún mọ́.” Tíṣà fi báírò pupa kọ òdo gbàǹgbà síwájú rẹ̀.

Mo ní, “Àbúrò, kí ló dé tí o fún ọmọ yìí ní òdo?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé kò dáhùn ìbéèrè ni? Mo ní kó sọ iṣẹ́ tí ọnà èdè ń ṣe, ó wá ń sọ pé kò ṣiṣẹ́.”

Mo ní, “Ìdáhùn nìyẹn mà.”

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó gbèjà ọmọ náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn yòókù kọ. Nínú pépà bí ogójì tí mo yẹ̀ wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kọ ọ́ pé ọnà èdè “mú kí ọ̀rọ̀ dùn létí”, tàbí pé ó “jẹ́ kí àyọkà náà yé wa dáadáa”. Ẹ gbé ìdáhùn yìí kúrò lórí ọyẹ́, ẹ gbé e lé orí èsúnsún, yóò bá a mu. Ẹ gbé e lé orí àyọkà mìíràn pátápátá, tó dá lórí ìgbéyàwó tàbí iṣẹ́ oko, yóò tún bá a mu. Ìdáhùn tó bá lè wọ gbogbo ẹsẹ̀ bí bàtà sálúbàtà, kì í ṣe ìdáhùn rárá. Ohun tí èmi máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń ka iṣẹ́ ẹlòmíràn kò le: màá yọ ọnà èdè náà kúrò, màá ka gbólóhùn náà ní ìhòòhò, lẹ́yìn náà màá dá a padà, màá sì bi ara mi pé kí ló sọnù nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ohun tó sọnù yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi irin méjì yẹn dán an wò. Bí a bá yọ àfiwé rẹ̀ kúrò, ohun tó kù ni pé “irin méjì tí ọkọ̀ ń gùn nà lọ rangandan”. Irin la rí, kò ju irin lọ. Bí a bá dá àfiwé náà padà, a rí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń rìn láìsọ̀rọ̀. Kí ló pa irin àti ọmọ ìyá pọ̀? Wọ́n sún mọ́ ara wọn, wọn kò sì fara kan ara wọn. Àlàfo tó wà láàárín irin méjì ọ̀nà àtijọ́ yẹn kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ lọ, síbẹ̀ láti Èkó dé Kánò wọn kò ní pàdé. Ẹni tó bá dúró láàárín wọn tó sì wo iwájú, yóò dà bí ẹni pé wọ́n pàdé lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n ojú ló ń tàn án. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ tí wọ́n ti pínyà fún ọdún mẹ́ta ni a ń gbọ́ yẹn. Òǹkọ̀wé kò sọ fún wa pé gbọ́nmi-si-omi-ò-to wà láàárín ìyá àti Àlàní. Kò sọ pé lẹ́tà kì í wá láti Kánò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka gbólóhùn yẹn tán, nǹkan kan ti fún wa láyà díẹ̀. Nígbà tí Àlàní kò wá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò yà wá lẹ́nu tó bó ṣe yẹ. Inú wa ti mọ̀. Iṣẹ́ àfiwé náà nìyẹn. Nígbà tí mo sọ èyí fún tíṣà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun kò tilẹ̀ ronú dé ibẹ̀ nígbà tí òun ń kọ ọ́. Mo ní kò burú, ọwọ́ rẹ̀ ronú fún un.

Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí “bí” báyìí, wọ́n á kọ àfiwé. Ọ̀kan kọ ọ́ pé “bí mo bá dé” jẹ́ àfiwé tààrà. Kò wù mí kí n fi ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. “Bí” yẹn ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni, kò fi nǹkan wé nǹkan. Àní nígbà tí “bí” bá fi nǹkan wé nǹkan pàápàá, ó lè má jẹ́ ọnà èdè. Tí mo bá ní Àlàní ga bíi bàbá rẹ̀, mo ń wọn àwọn méjèèjì ni. Ẹ lè mú tépù wá kí ẹ wò ó bóyá irọ́ ni mo pa. Tí mo bá ní ó ga bí ọ̀pẹ, kò sẹ́ni tó máa wá tépù. Ohun méjì tí a bá fi wé ara gbọ́dọ̀ ti inú agbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, kí ọkàn ẹni tó ń kà á lè fò láti ọ̀kan sí èkejì. Inú fífò yẹn ni ìgbádùn rẹ̀ wà.

Èsúnsún ńkọ́? Níbí, mo ní ẹjọ́ kékeré kan pẹ̀lú tíṣà. Èsúnsún kì í jáde lásìkò ọyẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń lé e jáde nínú ilẹ̀, tí àwọn ọmọdé á gbé omi sábẹ́ iná láti fi mú un, tí wọ́n á sì yan án jẹ. Bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ ló ń fẹ́ nínú àyọkà yìí. Ó ní “lẹ́yìn òjò”, òjò wo? Ẹni tó ń yára kàwé lè má rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ọyẹ́ ti gbá létí ní gbólóhùn mẹ́ta sẹ́yìn yóò kọsẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní kó yọ ọ́. Ìdí ni pé ẹnu ihò kan ṣoṣo ni èsúnsún ti ń tú jáde, gbogbo wọn jọra, kò sì sí ẹni tó lè nawọ́ sí ọ̀kan pé èyí ni mò ń wá. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ìyá náà nìyẹn: ó ń wá ojú kan láàárín ojú tó jọra. Nígbà tí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bá wá sọ pé ó “ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan”, a mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Ká ní ó sọ pé èrò tú jáde bí omi, ọ̀rọ̀ lásán ni ì bá jẹ́, nítorí omi kò lójú.

Ó kan ìfohunpènìyàn wàyí. Ibí yìí ni àwọn ọmọ ti ṣìnà jù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn pátápátá. Èdè wa fúnra rẹ̀ kún fún un. A máa ń ní ebi ń pa wá, ojú ń tì wá, oorun ń kùn wá. A máa ń ní iná kú. Tí ọmọ kan bá gba gbogbo èyí ní ìfohunpènìyàn, kò ní fi àyè sílẹ̀ lórí ìwé. Ọmọbìnrin wa tí mò ń gbèjà yìí pàápàá ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀: ó kọ ọ́ pé “ọkọ̀ náà dé” jẹ́ ìfohunpènìyàn nítorí pé ènìyàn ló ń dé. Rárá o. Ọkọ̀ ń dé, lẹ́tà ń dé, ọdún Iléyá ń dé. Kò sẹ́ni tó ń rí ẹsẹ̀ lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ilẹ̀ ń ṣú” àti “oòrùn kan àtàrí”. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n, ojú wọn ti fọ́, wọn kò fi àwòrán kankan hàn wá mọ́.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ èyí tó ṣì wà láàyè ni kí n bi ara mi pé ṣé ó sí ẹ̀yà ara ènìyàn tí mo rí. Nígbà tí wọ́n bá ní “ọyẹ́ mú”, n kò rí nǹkan kan, òtútù lásán ni mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n ní “ọyẹ́ gbá ìyá náà létí”, mo rí àtẹ́lẹwọ́. Mo sì tún rí ohun mìíràn tó dùn mí: ta ló ń gbá àgbàlagbà obìnrin létí ní gbangba? Kò sí ọmọlúàbí tó ń ṣe é. Nítorí náà, ọyẹ́ kò kàn mú un, ó rí i fín. Lẹ́yìn náà, ọyẹ́ kan náà di ọmọ kékeré tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Àwọn kan ní ọwọ́ òǹkọ̀wé gbọ̀n níbí, pé báwo ni ọyẹ́ ṣe máa jẹ́ aláfojúdi àgbà kan, kó tún wá di ọmọdé olè láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo gbà pé ó sún mọ́ àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lójú ìyá náà: obìnrin tó ń dúró de ọmọ, ṣé kò ní rántí ọwọ́ ọmọ kékeré tó máa ń wọ inú ìkòkò rẹ̀ nígbà kan? Ibi tí mo bá rántí ọmọ, mo dárí ji òǹkọ̀wé.

Bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. “Bẹ́ńṣì náà kò fẹ́ kí ó dìde.” Gbogbo wa mọ̀ pé ìyá náà ni kò fẹ́ dìde. Ó gbé kíkọ̀ rẹ̀ lé bẹ́ńṣì lórí, nítorí bí òun bá kọ̀, ìtìjú ni; bí bẹ́ńṣì bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá igi wí. Gbólóhùn yìí kò lariwo, bẹ́ẹ̀ ló sì wọni lára.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́ wa. Àsọrégèé méjì ló wà nínú àyọkà yìí, kò sì sí ẹni tó bi àwọn ọmọ léèrè nípa èkíní. Ìyá sọ fún ẹlẹ́pà pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí òun ti jókòó. Irọ́ gidi ni, láti àárọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọsẹ̀ níbẹ̀, èmi kò kọsẹ̀, ọmọbìnrin náà kò kọsẹ̀. Kí ló dé? Nítorí pé ẹnu ìyá ló ti jáde. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣé ìyá yín kò pè yín nígbà igba kí ẹ tó dáhùn? Nígbà tí a gbọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún, kì í ṣe ọdún la kà, ohùn la gbọ́. A gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀ nínú rẹ̀, a gbọ́ àárẹ̀, a sì gbọ́ obìnrin tó ń wá ẹni tí òun máa bá sọ̀rọ̀ kí ìbẹ̀rù má bàa bò ó. Ó di ẹni tí a mọ̀.

Ti odò Ọ̀yun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá kọ́ ló sọ ọ́, òǹkọ̀wé ló sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òǹkọ̀wé yìí ti jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú wa. Ohun tí ẹni tó jókòó níbẹ̀ lè rí ló ń sọ: irin, ìborùn, ẹlẹ́pà, ojú èrò. Ó ti kọ́ wa pé kí a gbà á gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tó gbóná jù, ó sọ gbólóhùn kan péré, “Àlàní kò sí níbẹ̀”. Kò sí ọnà èdè kankan nínú rẹ̀, ó sì mú bí abẹ. Ibẹ̀ ni omi ti lé sójú èmi náà, àgbàlagbà tó ń ka pépà ọmọ ilé ìwé. Kí omi yẹn tó já bọ́, òǹkọ̀wé fò kúrò lórí bẹ́ńṣì lọ sétí odò, ó ní ẹ wá wo afárá. Ta ló kọ́ afárá? Ṣé mọ́tò wà lórí rẹ̀? Ohun tí ọmọbìnrin náà kọ gan-an nìyẹn. Ojú rẹ̀ kúrò lára ìyá, ó lọ sára afárá. Kì í ṣe pé ìbànújẹ́ náà pọ̀ sí i, ó pín sí méjì ni.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí, tíṣà dìde lórí àga. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bí òyìnbó fún mi níbí o. Yorùbá kì í bẹ̀rù àsọrégèé. Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Bí wọ́n bá ń ki oríkì wa, ṣé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni?”

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, inú mi sì dùn, nítorí ó gbé ohun tó dára jù wá sílé ẹjọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì Ọ̀fà, ti ọmọ Ọlálọmí, mọ̀ pé ìjàkadì ni wọ́n fi ń kì wọ́n. Nínú bí ọ̀pọ̀ akéwì ṣe ń kì í, wọ́n á sọ̀rọ̀ ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà láyé ọjọ́un, wọ́n á sì máa dárúkọ àwọn tó ṣojú wọn. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni wọ́n á pè. Wọ́n á pe ebè inú oko, wọ́n á pe poro, wọ́n á sì pe àgbàdo tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ẹ wo àgbàdo náà dáadáa kí ẹ tó kọjá. Ẹni tó bá ti rí oko àgbàdo tó gbó mọ̀ pé bí ọmọ àgbàdo ṣe máa ń fara ti pòròpórò, bí ewé ṣe ń wé e mọ́ra, ìyá tó pọn ọmọ ni lóòótọ́. Kò sí àsọdùn níbẹ̀, ojú ló rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí akéwì wá fi kún un ni pé ìyá náà ní ojú, ó sì wo ìjà. Kí ni èyí ń ṣe fún ẹni tó ń gbọ́ ọ? Ènìyàn lè kú, ènìyàn lè jẹ́rìí èké, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún ni àgbàdo ń padà wá dúró sí oko kan náà tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ìjà tí àgbàdo bá jẹ́rìí sí kò lè tán nílẹ̀.

Mo sọ fún tíṣà pé àsọrégèé wà níbẹ̀, ìfohunpènìyàn wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ nítorí pé wọ́n ní olówó. Ojú ẹni tí wọ́n ń kì ni wọ́n ti ń kì í. Orí rẹ̀ ń wú, ó ń tọwọ́ bọ àpò. Ẹni tó ń kì í mọ̀ pé òun ń bù kún un, ẹni tí wọ́n ń kì mọ̀, àwọn tó yí wọn ká mọ̀. Àdéhùn ni. Àlejò tí kò mọ àdéhùn náà ló ń gbọ́ oríkì yẹn tó ń sọ pé oníjà ni gbogbo ọmọ Ọ̀fà. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan ní òun kò lè fẹ́ ọmọ Ọ̀fà nítorí ìjàkadì. Àsọrégèé tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọn ṣe àdéhùn di ẹ̀sùn.

Tíṣà kò dákẹ́. Ó ní Fágúnwà ńkọ́, ẹni tó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ yí sí èdè òyìnbó ní 1968? Ṣé Àgbákò tó ní ojú mẹ́rìndínlógún kì í ṣe àsọrégèé? Mo ní kì í ṣe é. Nínú igbó yẹn, bí iwin bá ní ojú mẹ́rìndínlógún, ojú mẹ́rìndínlógún ló ní. Ẹ kà á, yóò pé. Láti ẹnu ọ̀nà ni Fágúnwà ti sọ fún wa pé igbó irúnmọlẹ̀ la ń wọ̀. Bí omijé ìyá kan bá gbé afárá lọ nínú igbó yẹn, èmi á gbà, màá sì béèrè bí Àkàrà-ògùn ṣe máa sọdá. Ṣùgbọ́n sítéṣọ̀n Ọ̀fà kì í ṣe igbó irúnmọlẹ̀. Ẹ̀pà ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè ohun tó dá mi lójú pé ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Tí ẹkún yẹn kò bá pọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó dùn ún?” Mo ní kó ka àyọkà rẹ̀ fún mi sókè, kó fo gbólóhùn odò. Ó kà á: “Àlàní kò sí níbẹ̀. Ìyá bú sẹ́kún. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ńṣì náà kò fẹ́ kí ó dìde.” Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbé orí sókè, ó ní, “Ó mà ṣe o. Ṣé ọmọ náà kú ni?”

Mo wo tíṣà, n kò sọ nǹkan kan.

Ó mú báírò pupa, ó fa ilà gba àárín odò Ọ̀yun kọjá nínú ìwé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa pépà ọmọbìnrin náà jáde, ó sọ òdo di mẹ́ta. Mo ní márùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Ó ní rárá, pé ọmọ náà kò kọ́kọ́ sọ ohun tí àsọrégèé sábà máa ń ṣe kó tó sọ pé èyí kò ṣe é, àti pé ó pe dídé ọkọ̀ ní ìfohunpènìyàn lójú ewé kejì. Mo ní ìyẹn ti ìbéèrè mìíràn ni, kó má kó ẹjọ́ méjì pọ̀. Ó ní òun ni tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dìde, tí mo wọ bàtà mi, tí mo sì jáde láìjẹ ìrẹsì.